Lẹ́tà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ pè nínú háńgímáànù ọ̀rọ̀ Yorùbá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Baálẹ̀, níhìn-ín ní Òṣogbo. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń bá àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe háńgímáànù lójú pátákó, eré tí wọ́n fi ń pe lẹ́tà láti mọ ọ̀rọ̀ tí mo fi àlàfo rọ́pò, tí àṣìpè kọ̀ọ̀kan sì ń fi ẹ̀yà ara kan kún àwòrán ọkùnrin tí a ń gbé kọ́ sórí igi. Ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan ni a ń lò. Ọ̀kan nínú wọn rí i lórí fóònù pé E, T, A ni kí èèyàn kọ́kọ́ pè, gbogbo kíláàsì sì ti gbà á, ṣùgbọ́n kíá ni wọ́n ń gbé ọkùnrin náà kọ́. Lẹ́tà wo ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀? Ṣé iye àlàfo tí mo fà ní ohun tó ń sọ fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Bí àlàfo bá jẹ́ márùn-ún, ẹ ní kí wọ́n pe I. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, kí N wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta tí ẹ sì ti sọ pé oúnjẹ ni, A ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Iye àlàfo ń sọ ohun púpọ̀ fún ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó tilẹ̀ ń sọ ju ohun tí ó ń sọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún yín ní lẹ́tà wọ̀nyí láìsọ ìdí, ọ̀rọ̀ tí ó bá yí díẹ̀ yóò tún da kíláàsì rú, nítorí náà ni ìdáhùn mi yóò ṣe gùn díẹ̀.

Ìlànà E, T, A kì í ṣe irọ́, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí ó wà nínú ìwé àti nínú ìwé ìròyìn, ni wọ́n kà lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn kí wọ́n tó rí i. Nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́tà irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, E máa ń tó méjìlá tàbí mẹ́tàlá, T máa ń tó mẹ́sàn-án, A sì máa ń tó mẹ́jọ. Àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Láínótáìpù ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tilẹ̀ to bọ́tìnì rẹ̀ tẹ̀ lé ètò yìí, tí E, T, A, O, I, N fi wà níwájú. Ohun tí ó gbé T dé ipò kejì ni ọ̀rọ̀ kékeré kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ, tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlà kan tí kò ti ní jáde, tí T sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ta ni yóò fa àlàfo sójú pátákó nítorí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Nínú háńgímáànù, ẹnì kan ń mú ọ̀rọ̀ kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ ni, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní àyè kan ṣoṣo láti jẹ́ èyí tí ó mú. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ ká kà ni iye ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà kan wà nínú wọn. Bí lẹ́tà náà bá tilẹ̀ wà lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan ni a óò kà á, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan tí a bá pè é ni olùfàlàfo yóò kọ ọ́ sí gbogbo ibi tí ó wà. Nígbà tí àwọn kan ṣe irú ìkà yìí lórí ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí gígùn wọn, T kò sí nípò kejì mọ́ rárá. Lára ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta àti mẹ́rin, A ló ṣáájú. Lára ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún, S ló ṣáájú kí E tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì ti gùn tó lẹ́tà mẹ́tàlá, I ni wọ́n ní kí èèyàn kọ́kọ́ pè. Àwọn ọmọ yín, nígbà náà, gbé òfin tí kò pé lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín wá sínú èdè tí a kò ṣe é fún.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo tiwa. Lẹ́tà 25 ni ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, tí a bá ka GB sí lẹ́tà kan gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Méje nínú wọn jẹ́ fáwẹ̀lì, ìyẹn A, E, Ẹ, I, O, Ọ àti U, méjìdínlógún tí ó kù sì jẹ́ kọ́ńsónáǹtì. Kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sábàá fara kan ara wọn nínú ọ̀rọ̀ wa, àfi níbi tí M tàbí N bá ti dá dúró gẹ́gẹ́ bí sílébù, tàbí tí N bá ń rán fáwẹ̀lì tí ó ṣáájú rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ kì í sì parí sí kọ́ńsónáǹtì kankan yàtọ̀ sí N yìí. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ó ń wo àlàfo ni pé ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì, tí kò sì ní N ìránmú tàbí fáwẹ̀lì méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn nínú, sábàá máa ń ní iye lẹ́tà tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba: mẹ́ta bí ọmọ, márùn-ún bí àgbàdo, méje bí àgbálùmọ̀. Bí iye àlàfo bá ṣeé pín dọ́gba, ohun kan ti ṣẹlẹ̀: bóyá kọ́ńsónáǹtì ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà bí i bàtà, bóyá N ni ó parí rẹ̀ bí i ẹran, bóyá fáwẹ̀lì méjì ni ó dúró ti ara wọn.

Ẹ fi àlàfo márùn-ún ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tò bí àgbàdo, àlàfo mẹ́ta jẹ́ ti fáwẹ̀lì, àlàfo méjì jẹ́ ti kọ́ńsónáǹtì. Fáwẹ̀lì méje péré ni ó ń du àyè mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ kọ́ńsónáǹtì méjìdínlógún ni ó ń du àyè méjì. Bí kò bá sí lẹ́tà tí ó tún ara rẹ̀ ṣe, tí a kò sì mọ ohunkóhun mìíràn, fáwẹ̀lì tí a ṣèèṣì pè yóò bọ́ sí i nígbà mẹ́ta nínú méje, kọ́ńsónáǹtì tí a ṣèèṣì pè yóò sì bọ́ sí i nígbà kan péré nínú mẹ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì. Nínú fáwẹ̀lì fúnra wọn, I ní àǹfààní kan tí ó hàn gbangba, nítorí pé òun ni a sábàá ń fi síwájú ọ̀rọ̀ ìṣe láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ orúkọ, bí a ti ṣe rí i nínú ìmọ̀, ìfẹ́ àti ìkọ́lé. U ni ó sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn, nítorí pé kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Bí ọmọ kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà bá jiyàn pé ulé ni wọ́n ń pe ilé ní ilé wọn, òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ẹ bá a ṣàdéhùn pé èdè inú ìwé ni a ń lò lójú pátákó.

Kí a má bàa máa sọ̀rọ̀ lójú òfuurufú, ẹ jẹ́ ká mú orúkọ ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí àwọn ọmọ náà mọ̀. Bí a bá ka GB sí ọ̀kan, tí a sì gbé àmì ohùn tì, mẹ́wàá nìyí nínú àwọn tí ó gba àlàfo márùn-ún: Òṣogbo, Iléṣà, Ẹjìgbò, Òkukù, Ìkirè, Àpòmù, Ìgbàjọ, Ìníṣà, Ìpólé àti Ìkòyí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí fáwẹ̀lì kò sí ní àlàfo kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún rẹ̀. Nígbà tí a bá ka iye ìlú tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, I wà nínú méje, O wà nínú mẹ́fà, A wà nínú mẹ́rin. E, Ṣ, GB àti K wà nínú mẹ́ta mẹ́ta, èyí tí ó kù kò ju méjì lọ. T kò sí nínú ọ̀kankan.

Ẹ wò ó bí ìlànà orí fóònù yóò ṣe rí níbí. E yóò tàsé nínú ìlú méje, T yóò tàsé nínú gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mẹ́rin sì wà tí E, T àti A yóò tàsé pátápátá, tí orí, ara àti apá kan yóò ti wà lórí igi kí lẹ́tà kan ṣoṣo tó bọ́ sí àlàfo. Àwọn mẹ́rin náà ni Ẹjìgbò, Òkukù, Ìkòyí àti Òṣogbo tí àwọn ọmọ náà ń gbé. (Ẹ rántí pé Ẹ ni ó bẹ̀rẹ̀ Ẹjìgbò, ẹni tí ó pe E kò tíì pè é.)

Wàyí o, kí wọ́n pe I. Bí I kò bá sí, ìlú mẹ́ta ni ó kù, Òṣogbo, Òkukù àti Àpòmù, O sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ìdí láti pe A ní àkókò yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé A ni ó tẹ̀ lé O nínú ìkà wa ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé O kò lè tàsé mọ́. Kò sì ní wá lọ́wọ́ òfo: bí olùkọ́ bá kọ O sí àlàfo kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún, Òṣogbo ni, bí ó bá kọ ọ́ sí àlàfo kìíní nìkan, Òkukù ni, bí ó bá kọ ọ́ sí ìkẹta nìkan, Àpòmù ni. Àṣìpè kan ṣoṣo, a ti mọ ọ̀rọ̀.

Bí I bá wà, ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ni kí àwọn ọmọ tẹjú mọ́. Ní àlàfo ìkẹta nìkan, Ẹjìgbò ni. Ní àlàfo kìíní àti ìkarùn-ún, Ìkòyí ni. Ní àlàfo kìíní àti ìkẹta, ó lè jẹ́ Ìkirè tàbí Ìníṣà, kò sì sí ọgbọ́n níbẹ̀ ju kí wọ́n pe A tàbí E, ìdajì ìdajì. Bí ó bá wà ní àlàfo kìíní nìkan, mẹ́ta ni ó kù, Iléṣà, Ìgbàjọ àti Ìpólé, ibẹ̀ sì ni A ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa: bí ó bá bọ́ sí àlàfo ìkarùn-ún, Iléṣà ni, bí ó bá bọ́ sí ìkẹta, Ìgbàjọ ni, bí kò bá sí, Ìpólé ni. Ní gbogbo ọ̀nà tí mo ti là sílẹ̀ yìí, kò sí ìlú kan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí yóò gbà ju àṣìpè kan lọ kí a tó dá a mọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ yín ti fi mẹ́ta ṣòfò kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀. Èkíní ni pé ètò lẹ́tà kì í dúró gbọn-in. Ẹ̀ẹ̀kan tí a bá ti pe lẹ́tà kan, yálà ó wà tàbí kò sí, ọ̀rọ̀ kan ti kúrò nínú àwọn tí ó ṣeé ṣe, àwọn tí ó ṣẹ́kù nìkan ni a sì gbọ́dọ̀ tún kà. Ọmọ tí ó há ètò kan sórí, tí ó ń pè é láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìwo pátákó, yóò máa pe A nígbà tí O dájú. Èkejì ni pé lẹ́tà tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò tó. Ó dára kí ó tún jẹ́ lẹ́tà tí ibi tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí ibi tí ó wà nínú òmíràn. I fi ẹyọ kan ju O lọ nínú ìkà wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ni ó fi sàn jù ú. Bí wọ́n bá fi O bẹ̀rẹ̀ tí kò sì sí, ìlú mẹ́rin ni ó kù, I wà nínú gbogbo wọn, síbẹ̀ I yóò kàn pín wọn sí méjì méjì ni, Iléṣà pẹ̀lú Ìgbàjọ, Ìkirè pẹ̀lú Ìníṣà. Nínú Ìkirè àti Ìníṣà, wọ́n lè ṣe àṣìpè kejì.

Ẹ fi àlàfo kan kún un báyìí, kí ẹ rí bí nǹkan ṣe ń yí. Ìlú tí ó gba àlàfo mẹ́fà ni Ìkìrun, Ìlobùú, Gbọ̀ngán, Ìbòkun àti Òkinni. N, tí ó wà nínú ìlú kan péré nínú mẹ́wàá nígbà tí àlàfo jẹ́ márùn-ún, ti wà nínú mẹ́rin nínú márùn-ún báyìí, ó sì bá I dọ́gba. Ìdí rẹ̀ ni èyí tí mo ti sọ: iye tí ó ṣeé pín dọ́gba ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti yà kúrò nínú títò fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, N ni ó sì sábàá ń fà á. Kí wọ́n pe N. Bí ó bá tàsé, Ìlobùú ni, ẹni tí fáwẹ̀lì méjì ìparí rẹ̀ sọ di mẹ́fà. Bí ó bá bọ́ sí àlàfo ìkẹta àti ìkẹfà, Gbọ̀ngán ni. Bí ó bá bọ́ sí ìkẹrin àti ìkarùn-ún, Òkinni ni. Bí ó bá jẹ́ ìkẹfà nìkan, Ìkìrun àti Ìbòkun ni ó kù, kí wọ́n wá pe I, tí kò lè tàsé nínú méjèèjì, kí wọ́n sì wò ó bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ tàbí ẹ̀ẹ̀mejì.

Irú ọ̀rọ̀ tí ẹ ń mú náà ń yí ètò padà, bí ẹ bá ti sọ ọ́ fún wọn. Ẹ wo nǹkan jíjẹ onílẹ́tà mẹ́ta: ẹja, ata, iṣu, epo, ẹ̀bà, iyọ̀, ẹ̀wà, ilá, ẹ̀pà, ọkà. I tí a ń gbé gẹ̀gẹ̀ wà nínú mẹ́ta péré, O wà nínú ẹyọ kan, ṣùgbọ́n A wà nínú méje. Bí A bá bọ́ sí àlàfo ìkẹta nìkan, àǹkóò fáwẹ̀lì yóò ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ orúkọ kúkúrú tí a kò ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀ mìíràn, E àti O kì í ṣáájú A. Ẹ tàbí Ọ ni ó máa ń wà níbẹ̀, tàbí I. Bákan náà, E àti O kì í bá Ẹ àti Ọ gbé inú irú ọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ní epo àti owó, tí a ní ẹsẹ̀ àti ọmọ. Nítorí náà, ọmọ tí ó ti rí O lójú pátákó kò gbọdọ̀ yára pe Ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé òfin yìí lọ sórí orúkọ ìlú, àti àwọn ọ̀rọ̀ gígùn tí a so pọ̀: Ẹjìgbò ní Ẹ ó sì ní O, Iléṣà sì ní E ṣáájú A. Orí ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta ni mo ti fọkàn tán an jù.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àdéhùn kan wà tí ó yẹ kí ẹ kọ sí igun pátákó. Ṣé GB gba àlàfo kan tàbí méjì? Ṣé E àti Ẹ jẹ́ lẹ́tà kan tàbí méjì? Ọ̀pọ̀ ìjà tí ó ń ṣẹlẹ̀ nídìí eré yìí ló ń ti ibẹ̀ wá, àbájáde rẹ̀ sì tún dé inú ìkà. Bí GB bá gba àlàfo méjì, Òṣogbo, Ẹjìgbò àti Ìgbàjọ yóò fò kúrò nínú àwọn onílẹ́tà márùn-ún lọ sínú àwọn onílẹ́tà mẹ́fà, gbogbo ohun tí mo sọ nípa iye tí ó ṣeé pín dọ́gba yóò sì dàrú mọ́ ẹni tí ń pè lójú. Bí ẹ bá ń lo fóònù tí kò ní àmì ìsàlẹ̀, tí O àti Ọ di ọ̀kan, Ìgbàjọ yóò kún àwọn tí O wà nínú wọn, O yóò sì di méje, kí ó bá I dọ́gba. Tèmi ni pé kí GB jẹ́ ọ̀kan, kí Ẹ, Ọ àti Ṣ dá dúró, kí a sì fi àmì ohùn sílẹ̀ títí wọn yóò fi dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀, nítorí pé àmì ohùn tí a kọ sórí àlàfo kan yóò tú àṣírí pé fáwẹ̀lì ni ó wà níbẹ̀.

Fún àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe orúkọ ìlú, ẹ mú ìwé kíkà tí kíláàsì ń lò, kí ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ àwọn ọ̀rọ̀ orúkọ inú ojú ìwé méjì méjì jáde, kí wọ́n pín wọn gẹ́gẹ́ bí iye lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fa ìlà kékeré kan síwájú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí ó bá wà nínú ọ̀rọ̀ kan, ìlà kan fún ọ̀rọ̀ kan, bí lẹ́tà náà bá tilẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ tí ó bá tún jáde lójú ìwé mìíràn, kí wọ́n má tún un kà. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣìnà jù nìyẹn, ẹ ó sì tètè mọ̀ bí ó bá ti ṣẹlẹ̀: iye ìlà tí ó wà níwájú lẹ́tà kan yóò ju iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ, tàbí kí àwọn lẹ́tà inú orúkọ ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí ga ju ti àwọn yòókù lọ láìnídìí. Ètò tí ó bá jáde níbẹ̀ yóò bá kíláàsì yín mu ju èyíkéyìí tí èmi lè kọ ránṣẹ́ láti ibí lọ, nítorí pé inú ìwé kan náà ni ẹ̀yin náà yóò ti máa mú ọ̀rọ̀.

Ó ku àlàfo méjì, èyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ rò pé ó rọrùn jù fún àwọn ọmọdé, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó le jù. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni ó sábàá máa ń jẹ́, kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ̀lì kan. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ọmọ kan ṣorí ire, ó pe Ọ lẹ́ẹ̀kan ó sì bọ́ sí àlàfo kejì. Kí ni ó wà níwájú rẹ̀? Ó lè jẹ́ bọ́, fọ̀, gbọ́, jọ, kọ, lọ, mọ̀, pọ̀, rọ̀, sọ, ṣọ́, tọ̀, wọ̀ tàbí yọ̀, mẹ́rìnlá láìtíì wá a jìnnà, kò sì sí kọ́ńsónáǹtì kan nínú wọn tí ó ju òmíràn lọ, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ọ̀rọ̀ kan péré. Bí orí, ara, apá méjì àti ẹsẹ̀ méjì bá ni ẹ ń yà, lẹ́tà mẹ́fà péré ni ó lè dán wò, nítorí pé àṣìpè ìkẹfà ni ó parí eré. Mẹ́jọ nínú mẹ́rìnlá yóò pa á, ìyẹn nígbà tí fáwẹ̀lì rẹ̀ kò tàsé rárá. Kò sí ìkà lẹ́tà tí yóò gba ọmọ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fa àlàfo méjì, ẹ fún un ní gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ náà ti lè bọ́ sí, bí i «Bàbá ___ sí Ọjà Ọba», kí lẹ́tà tí yóò pè lè ti inú ìtumọ̀ wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ eré láti orí àlàfo márùn-ún.